Ojú Ìyàwó Tó Yẹ́lò Lápá Kan: Nígbà Tí Iná Píópì àti Ìmọ́lẹ̀ Fèrèsé Bá Pàdé

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn fótógíráfà ẹgbẹ́ mi sọ níbi ìjókòó wa l'Ádó-Èkìtì nìyí, mo kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí náà wà nísàlẹ̀.)

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin bọ̀dá àtẹ̀yin àǹtí tẹ́ ẹ ti wà nídìí iṣẹ́ yìí kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé kámẹ́rà dání, ẹ forí jì mí pé èmi ni mo dìde. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ojú tó máa ń yẹ́lò nínú fótò inú ilé. Mi ò ní sọ gbogbo ẹ̀, torí tí n bá ní kí n sọ ti gbọ̀ngàn, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti alẹ́ pọ̀ mọ́ ọn, ilẹ̀ á ṣú mọ́ wa níbí. Ọ̀kan ni mo fẹ́ mú, èyí tó ń da gbogbo wa láàmú jù: yàrá tí fèrèsé wà lápá kan, tí iná wà lápá kejì, tí ìyàwó wá jókòó sáàárín àwọn méjèèjì.

Fótò tẹ́ ẹ̀ ń wò lára ògiri yìí, àbúrò wa kan ló yà á n'Ìkẹ́rẹ́, àárọ̀ ọjọ́ ìdána ni, òun àti ìyàwó náà sì ti gbà kí n fi hàn yín. Ẹ wo bí ibẹ̀ ṣe rí. Fèrèsé wà lápá òsì ìyàwó. Lókè, iná kéékèèké tí wọ́n tò yí píópì ká ń tàn, gbogbo ẹ̀ ló pọ́n, gílóòbù kan tún wà lára ògiri lápá ọ̀tún, ògiri ọ̀hún fúnra ẹ̀ sì rèé, kírímù ni wọ́n kùn ún. Ìyàwó ti wé gèlè tó ní wúrà-wúrà lára, iyùn wà lọ́rùn ẹ̀, áńkáṣíìfù funfun wà lórí itan ẹ̀ tó fi ń nu òógùn. Ìgbà tí fótò yìí dé ọwọ́ màmá ìyàwó, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ṣé ibà pọ́njú ló ń ṣe ọmọ mi ni?" Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún yẹn dáadáa, ìbéèrè gidi ni màmá bèèrè.

Kí ló fà á? Tẹ́ ẹ bá ra gílóòbù lọ́jà, ẹ yí páálí ẹ̀ wò, ẹ máa rí nọ́ńbà kan tí K wà lẹ́yìn ẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 2700K tàbí 3000K sí, òun ló máa ń pọ́n. Èyí tí wọ́n kọ 6500K sí, òun ló funfun tó fà sí búlúù díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tó ń gba ojú fèrèsé wọlé, nǹkan bíi 5500K ni, tójú ọjọ́ bá ṣú tàbí tó bá jẹ́ pé ibòji ló wà níwájú fèrèsé, ó lè gùn dé 7000K. Bí nọ́ńbà ṣe ń kéré sí i ni iná ń pọ́n sí i. Tèmi tiyín tá a bá wà nínú yàrá yẹn, ojú wa á ti bá wa tún un ṣe, a ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé iná méjì ló ń bẹ níbẹ̀, áńkáṣíìfù funfun á ṣì máa funfun lójú wa. Kámẹ́rà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Funfun kan ṣoṣo lẹ lè sọ fún un nínú fótò kan. Tẹ́ ẹ bá sọ pé ti fèrèsé ni, apá tí gílóòbù ń tàn sí á yẹ́lò. Tẹ́ ẹ bá sọ pé ti gílóòbù ni, apá fèrèsé á di búlúù. Tẹ́ ẹ bá wá fi sórí AWB pé kó lọ fúnra ẹ̀ wá a, á lọ mú àárín, bó ṣe mú 4250 nínú fótò yìí, ni apá òsì bá fà sí búlúù díẹ̀, apá ọ̀tún náà ò bọ́ nínú yẹ́lò, kò wá sẹ́ni tó jàre.

Torí náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá iná kan ló fa yẹ́lò yẹn tàbí iná méjì. Ẹ wá nǹkan funfun nínú fótò. Èmi máa ń wá áńkáṣíìfù, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì, bébà, léèsì funfun, nǹkan tó bá ṣáà ti jókòó síbi tí iná tó ń kan ojú ti ń kàn án. Tí gbogbo funfun yẹn bá yẹ́lò bákan náà, ọ̀rọ̀ ti rọrùn, `Temp` kan ṣoṣo, ìyẹn ibi tá a ti ń sọ nọ́ńbà K iná fún `Lightroom` tá a fi ń tún fótò ṣe, á yanjú ẹ̀, ẹ lè máa lọ sílé. Àmọ́ ẹ wo áńkáṣíìfù ìyàwó yìí. Ibi tó ká sí òsì funfun, ó tiẹ̀ fẹ́ jọ búlúù, ibi tó ká sí ọ̀tún yẹ́lò. Áńkáṣíìfù kan náà o! Ẹ tún wo funfun ojú ẹ̀, ti òsì mọ́, ti ọ̀tún pọ́n. Ó ti hàn pé iná méjì ló jà síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì fa `Temp` gbogbo fótò títí dọ̀la, bẹ́ ẹ ṣe ń tún apá kan ṣe lẹ ó máa ba ìkejì jẹ́.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ tún rí nǹkan kan, torí ojú lè tanni jẹ. Nínú `Lightroom`, tẹ́ ẹ bá gbé máòsì sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwọn nọ́ńbà R, G àti B, ìyẹn pupa, gíríìnì àti búlúù, máa hàn lábẹ́ `Histogram`. Awọ ara èèyàn, kó dúdú kó pupa, R ló máa ń ga jù, G á tẹ̀lé e, B ló máa kéré jù. Lápá fèrèsé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyàwó yìí jẹ́ R 55, G 38, B 34. Ẹ wá gbé e sí apá ọ̀tún: R 60, G 42, B 18. Ṣé ẹ rí i báyìí? R àti G kàn gbéra díẹ̀ ni, B ló já bọ́. Yẹ́lò tí màmá rí yẹn, B tí ò tó ni. Ohun tá a máa ṣe ò ju pé ká dá B padà síbi tó ti sọnù, kì í ṣe ká máa fọ àwọ̀ gbogbo ara ọmọ ọlọ́mọ dànù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Ohun àkọ́kọ́ ni pé ká mú ọ̀kan nínú àwọn iná méjì yẹn gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Fèrèsé ni mo mú, ìdí ẹ̀ sì ni pé òun ló tàn sí apá tó pọ̀ jù lójú ìyàwó, àti pé ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ní gbogbo àwọ̀ nínú, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn gílóòbù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń fi sí píópì yìí, pupa inú wọn ò tó, pupa yẹn gan-an ló sì ń jẹ́ kí awọ dúdú dán. Mo mú ohun èlò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ `WB`, èyí tó dà bí dírọ́pà yẹn, mo tẹ̀ ẹ́ sórí áńkáṣíìfù níbi tó ká sí òsì, `Temp` bá kúrò ní 4250 ó lọ sí 5300.

Mo gbọ́ yín, ẹ ní ó tún wá yẹ́lò sí i. Bẹ́ẹ̀ ni. Ibí yìí ló ti máa ń da ọ̀pọ̀ láàmú, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán pé nọ́ńbà ńlá ló ń fà sí búlúù, báwo ni a ṣe wá gbé nọ́ńbà sókè tí fótò fi pọ́n? Nọ́ńbà orí `Temp` kì í ṣe àwọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ kùn ún o, iná tẹ́ ẹ sọ fún un pé ó wà níbẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá sọ fún un pé iná ibẹ̀ fà sí búlúù, òun náà á bu yẹ́lò sí i láti fi pa búlúù yẹn rẹ́. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Apá òsì ti bọ̀ sípò, ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, ẹ wo funfun ojú ẹ̀. Apá ọ̀tún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lóòótọ́, àmọ́ ní báyìí ibì kan ṣoṣo ló burú.

Ìgbà yìí la tó wá lọ sí `Masking`, ká mú `Brush`. `Feather` ẹ̀, ẹ gbé e dé 100 kí etí ibi tẹ́ ẹ bá kùn má baà hàn, `Flow` ẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà ní nǹkan bí 30 kó lè máa gun ara wọn díẹ̀díẹ̀. Mo kùn ún sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ imú, abẹ́ àgbọ̀n, ọrùn àti èjìká, ibi tí yẹ́lò bá ti pọ̀ mo gbà á lẹ́ẹ̀mejì, ibi tó ti ń pàdé ìmọ́lẹ̀ fèrèsé láàárín iwájú orí mo kàn rọra kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ẹ má gbàgbé etí o, ẹlòmíì á tún ojú ṣe tán, etí á wá dá yẹ́lò wà níbẹ̀ bíi ti ẹlòmíì. Lẹ́yìn náà mo fa `Temp` inú `Masking` yẹn, kì í ṣe ti gbogbo fótò o, lọ sí -25. Bí mo ṣe ń fà á ni mò ń wo B, ó kúrò ní nǹkan bí 15 tó ti já bọ́ sí, ó ń gòkè bọ̀, nígbà tó dé 26 mo dúró.

Tẹ́ ẹ bá wò ó báyìí, yẹ́lò ti lọ, àmọ́ nǹkan kan tí ò dáa ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn fà sí gíríìnì díẹ̀. Iná píópì ló fi í sílẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú wọn ló ní gíríìnì tí yẹ́lò bò mọ́lẹ̀, ìgbà tẹ́ ẹ bá ká yẹ́lò kúrò ló tó ń yọjú. Gílóòbù àtijọ́, èyí tó ní wáyà tó ń gbóná nínú yẹn, kì í ní in. `Tint` inú `Masking` yẹn náà lẹ máa gbé lọ sápá ọ̀tún, +5 tó fún èyí. Mo tún yọ `Saturation` -8 torí apá yẹn ṣì ń pariwo. Ó parí.

Ẹnì kan lẹ́yìn ní kí n jẹ́ kó bá apá òsì dọ́gba pátápátá. Rárá o. Gílóòbù wà nínú fótò, gbogbo èèyàn ń rí i bó ṣe ń tàn lára ògiri kírímù, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wà níwájú ẹ̀ ò bá wá ní ooru ẹ̀ lára rárá, á dà bíi pé wọ́n gé ìyàwó láti ibòmíì wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ ni. B ti òsì ti wálẹ̀ sí 29 látìgbà tá a ti gbé `Temp` gbogbo fótò sókè, tọ̀tún jẹ́ 26, mo fi í sílẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ògiri náà, mi ò fọwọ́ kàn án. Ilé ń pọ́n, kó máa pọ́n, ojú èèyàn ni wọ́n sanwó fún.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí, ẹ jẹ́ n sinmi lé e díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa, tá a bá ti rí yẹ́lò, a ò ní ṣe gbogbo wàhálà tí mo ṣe yìí, inú `Color Mixer` la máa sáré lọ, a máa mú `Orange` ká fa `Saturation` ẹ̀ lọ sí -30, ojú á mọ́ lójú ẹsẹ̀, a máa ní ó ti dáa. Kò dáa. Àwọ̀ awọ dúdú wa, inú `Orange` lèyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ń gbé, díẹ̀ wà nínú `Red`. Tẹ́ ẹ bá fa `Orange` wálẹ̀, ẹ̀ ń fa èèyàn náà wálẹ̀ ni, ara á di eérú, ẹ̀jẹ̀ á tán lójú ẹ̀, apá fèrèsé tí ò ṣẹ ẹnikẹ́ni á jìyà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ tiẹ̀ jẹ́ n fi hàn yín lára fótò yìí kan náà. Ẹ wo iyùn. Iyùn tó pọ́n dáadáa, tí ìdílé fi ọ̀wọ̀ gbé kọ́ ọmọ lọ́rùn, ó ti ṣá. Wúrà ara gèlè ti di irin. Òṣùwọ̀n tèmi nìyẹn: mo máa ń fi ojú sí iyùn àti wúrà bí mo ṣe ń ṣe é, tí iyùn bá ti yí padà, mo ti kọjá ààlà. Tẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ wọ `Color Mixer` rárá, `Yellow` nìkan ni kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn, ẹ gbé `Hue` ẹ̀ sápá òsì díẹ̀, bíi -8, kó sún mọ́ ọ́rẹ́ǹjì, `Saturation` ẹ̀ -10, kẹ́ ẹ sì tún wo gèlè.

Ibì kan wà tí gbogbo èyí ò ní ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kẹ́ ẹ má baà pariwo mi. Tó bá jẹ́ JPEG lẹ fi yà á, kámẹ́rà ti da èyí tó pọ̀ nínú ohun tó rí nù, ẹ máa rí i pé `Temp` ò tiẹ̀ fún yín ní nọ́ńbà K mọ́, -100 sí +100 ló kù. Ẹ gbé máòsì sórí ibi tó yẹ́lò jù. Tí B bá ṣì wà ní 12 tàbí 15, ẹ gbìyànjú ẹ̀. Tó bá ti jẹ́ 0 tàbí 1, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ gbé dìde, ibẹ̀ á kàn máa di àbààwọ́n eérú ni. Irú fótò bẹ́ẹ̀, èmi máa ń sọ ọ́ di dúdú àti funfun, ọ̀pọ̀ oníbàárà tiẹ̀ máa ń fẹ́ràn ẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé inú yàrá lẹ̀ ń lọ, RAW ni kẹ́ ẹ fi yà á.

Ohun kékeré kan tún rèé: ẹ yẹ ojú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín wò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. `Night Light` tàbí `Eye Comfort` lè tàn fúnra ẹ̀ tílẹ̀ bá ṣú, á kun gbogbo ojú ẹ̀rọ ní yẹ́lò, ẹ̀yin á máa yọ yẹ́lò tí ò sí nínú fótò, ilẹ̀ á mọ́, ìyàwó á ti di búlúù.

Ó wá ku bá a ṣe máa ṣe é kó má tiẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ẹ pa iná. Mo mọ̀ pé ó rọrùn lẹ́nu, torí tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n pa iná nílé ìyàwó l'Ékìtì níbí, ẹ̀gbọ́n bàbá kan máa ní, "Ẹ̀yin fótógíráfà wo rèé tí ò fẹ́ iná, iná tá a torí yín tan jẹnẹrétọ̀!" Ẹ kí wọn, ẹ kúnlẹ̀ tó bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ẹ ti rí i náà, nígbà míì tí wọ́n bá mú iná lọ lójijì láàárín iṣẹ́, fótò tẹ́ ẹ bá yà láàárín ìgbà tí wọ́n ń wá ẹni tó máa fa jẹnẹrétọ̀ yẹn ló máa ń dáa jù nínú gbogbo ẹ̀. Yàrá á ṣókùnkùn díẹ̀ lóòótọ́, ISO tó wà ní 800 lè gùn dé 1600, kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn, èrúnrún tíyẹn máa ń kó sójú fótò rọrùn láti tún ṣe ju yẹ́lò lọ.

Tí wọn ò bá gbà, ẹ gbé sítúùlù ìyàwó sún mọ́ fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé máa ń lágbára gan-an nítòsí, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń rẹ̀ ẹ́ téèyàn bá ti ń jìnnà sí i. Nínú fótò yìí, ìyàwó jìnnà tó mítà mẹ́ta, ibi tí fèrèsé àti gílóòbù ti dọ́gba lágbára ni wọ́n gbé e sí. Tó bá jẹ́ mítà kan ni, gílóòbù á ṣì máa tàn, àmọ́ kò ní lẹ́nu ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọjú sí fèrèsé díẹ̀, kí ẹnì kan sì mú aṣọ ìbùsùn funfun dúró lápá kejì kó dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀hún. Funfun ni mo wí o. Tẹ́ ẹ bá sún un mọ́ ògiri kírímù dípò aṣọ funfun, ògiri yẹn náà á da yẹ́lò sí i lára, iná ì báà kú pátá. Kẹ́ ẹ sì tún yọjú síta: tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ pupa ló wà lábẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń pa, á pọ́n wọlé láti ìsàlẹ̀, tó bá jẹ́ igi máńgòrò ló bo iwájú ẹ̀, gíríìnì ló máa gbé wọlé.

Tí fèrèsé bá kéré jù, ó ku ká ṣe òdì kejì. Ẹ fa kọ́tìnnì pa, ẹ jẹ́ kí gílóòbù jẹ́ ọ̀gá, ẹ gbé kámẹ́rà sí 3000K. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo fláàṣì pẹ̀lú ẹ̀, ẹ lẹ ike ọlọ́rẹ́ǹjì tí wọ́n kọ CTO sí mọ́ ojú fláàṣì, torí fláàṣì lásán, àwọ̀ ọ̀sán ló ní, ẹ ti tún gbé fèrèsé míì wọlé nìyẹn.

Àwọn ìbéèrè. Àǹtí kan bèèrè pé fóònù làwọn fi ń tún fótò ṣe, àwọn ò ní `Lightroom` tá à ń sanwó fún. Ẹ lo `Snapseed`, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ wọ `White Balance`, ẹ fi tún apá fèrèsé ṣe. Lẹ́yìn náà ẹ wọ `Brush`, ẹ mú `Temperature`, ẹ fi ọfà gbé nọ́ńbà ẹ̀ lọ sísàlẹ̀ òdo, ẹ ya ojú fótò gbòòrò dáadáa kí ìka yín má baà kọjá etí ojú, kẹ́ ẹ wá fi ìka kùn ún sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó yẹ́lò. Kò ní fún yín ní nọ́ńbà R, G, B, ojú yín àti áńkáṣíìfù ni òṣùwọ̀n.

Bọ̀dá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní àwọn pa gbogbo iná, àwọn gbé ìyàwó sún mọ́ fèrèsé, ojú ẹ̀ ṣì yẹ́lò. Mo bi wọ́n léèrè pé ọwọ́ ẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní ọwọ́ ẹ̀ dáa. Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe iná nìyẹn. Àwọn tó ń ṣe mékọ́ọ̀pù ní páúdà kan tí wọ́n ń pè ní bànánà, yẹ́lò gan-an ni àwọ̀ ẹ̀, wọ́n máa ń fi í sábẹ́ ojú àti iwájú orí, tó bá sì jẹ́ pé abẹ́ gílóòbù tó pọ́n ni wọ́n ti kun ìyàwó, wọn ò ní rí i pé ó ti pọ̀ jù. Ẹ ní kó gbé ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ níwájú fèrèsé, kẹ́ ẹ ya ọ̀kan. Tí ọwọ́ àti ojú bá jọ yẹ́lò, iná ni, tójú nìkan bá yẹ́lò, ẹ pe ẹni tó kùn ún kó wá nù díẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó máa yà lọ.